Ta Ló Gbọn Eruku Kúrò Lára Àpò? Ọ̀rọ̀ Lórí Dátà Gbígbóná àti Dátà Tútù

(Ní Bódìjà, nílùú Ìbàdàn, ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, níbi tí àwa tí à ń tọ́jú sáfà fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ti pàdé. Mo ti yọ àwàdà tó pọ̀ jù kúrò, mo sì fi àwọn àṣẹ tí mo kọ sára ògiri lọ́jọ́ náà sí i.)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ kú ooru yìí náà. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń pín ibi ìpamọ́ sí ìpele, kí dátà tí à ń lò lójoojúmọ́ wà lórí díráífù tó yára, kí èyí tó ti pẹ́ máa gbé lórí èyí tí owó rẹ̀ rọjú. Mi ò ní lè sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ibì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mú níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló ti jẹ mí níyà jù: báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ̀ pé fáìlì kan ti tutù?

Inú ọjà ni mo gbà wá síbí. Ẹ wo ìyá ẹlẹ́lùbọ́. Abọ́ ńlá kan wà níwájú rẹ̀, èlùbọ́ ga nínú rẹ̀ bí òkìtì, kọ́ńgò jókòó lé e lórí. Àpò méjì tàbí mẹ́ta wà lẹ́yìn àga rẹ̀. Ìyókù wà ní sítọ́ọ̀. Iwájú kò gba nǹkan púpọ̀, àyè ibẹ̀ sì gbówó lórí. Sítọ́ọ̀ fẹ̀, ó sì rọjú, ṣùgbọ́n kí ọmọ tó sáré lọ gbé àpò kan wá, oníbàárà lè ti yà sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ìyá yìí mọ èyí tó ń tà, kò sí ẹni tó ń kọ́ ọ.

Àmọ́ ká ní kò sí nílé, tó wá fi àlejò kan síbẹ̀, tó sọ fún un pé: àpò tí eruku bá ti bò, gbé e lọ sí sítọ́ọ̀. Àṣẹ yẹn dára. Eruku kì í parọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá wà tó ń wá ní alaalẹ́, tó ń fi ìgbálẹ̀ gbọn gbogbo àpò nítorí eku ńkọ́? Eruku ò ní sí lára ìkankan mọ́. Àlejò yìí á wo ọ̀tún, á wo òsì, á ní gbogbo ẹ̀ ló ń tà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọmọ onígbálẹ̀ yẹn sọ́kàn.

Ilé-iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ jẹ́ ti àwọn tó ń ya fọ́tò àti fídíò òde, ní agbègbè Mọ́kọ́lá. Mi ò ní dárúkọ wọn. Èèyàn mẹ́rin ló ń jókòó síbi kọ̀ǹpútà níbẹ̀ tí wọ́n ń gé fídíò. Sáfà kan ni gbogbo wọn ń lò. Díráífù oníṣíìpù méjì wà nínú rẹ̀, tẹ́rábáìtì 2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì so wọ́n pọ̀ kí ọ̀kan máa ṣe dígí fún èkejì, nítorí náà tẹ́rábáìtì 2 péré la rí lò. Háàdì díìsìkì mẹ́rin tún wà níbẹ̀, tẹ́rábáìtì 8 lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo so ní méjì méjì lọ́nà kan náà, a rí 16 lò nínú wọn. Mo pe ti àkọ́kọ́ ní `/gbona`, mo pe èkejì ní `/tutu`.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò òde kan. Kámẹ́rà wọn ń kọ mẹ́gábáìtì 12.5 sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn jẹ́ gígábáìtì 45 ní wákàtí kan. Kámẹ́rà méjì, wákàtí méjì ààbọ̀ tí wọ́n fi tẹ ìgbàsílẹ̀: gígábáìtì 225. Fọ́tò 2,000 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́gábáìtì 25: gígábáìtì 50. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 275. Ẹ̀yin náà mọ Sátidé Ìbàdàn, òde méjì ni wọ́n máa ń gbà nígbà míì. Gígábáìtì 550 lọ́sẹ̀ kan, lórí díráífù tí kò gbà ju 2,000 lọ. Bó bá ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí oṣù kan tó pé, ó ti kún.

Nítorí náà a ní láti kó èyí tó ti pẹ́ lọ sí `/tutu`. Kí ni a máa pàdánù tá a bá kó o lọ? Háàdì díìsìkì yẹn ń yí nígbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyípo kan ń gba nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 8.3. Bó o bá ní kó ka nǹkan kan, apá rẹ̀ á kọ́kọ́ rìn lọ síbẹ̀, ìyẹn á gba bíi 8, á sì tún dúró kí ibi tó ń wá yí dé abẹ́ rẹ̀, ìdajì ìyípo, bíi 4. Mílísẹ́kọ́ńdì 12 ti lọ kó tó ka lẹ́tà kan. Díráífù oníṣíìpù kò ní apá, kò ní ohun tó ń yí. Ìdá kan nínú mẹ́wàá mílísẹ́kọ́ńdì ti tó o.

Ẹ wá wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Tí ẹnì kan bá ṣí fódà tí fọ́tò 2,000 wà nínú rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà fẹ́ fi àwòrán kékeré ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn án, háàdì díìsìkì á rìn lẹ́ẹ̀mejì ẹgbẹ̀rún: ìṣẹ́jú àáyá 24 ó kéré tán, kó tó kan kíka gan-an. Lórí ṣíìpù, kò tó ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ fídíò kan ṣoṣo tó gùn ni, apá yẹn á rìn lẹ́ẹ̀kan, á jókòó, á sì máa ka mẹ́gábáìtì 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Fídíò náà fúnra rẹ̀ kò nílò ju 12.5 lọ láti ṣeé wò. Háàdì díìsìkì kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìrìn àbọ̀ àti àlọ ló ń pa á. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé dátà tútù lọ́ra, ẹ bi í léèrè pé irú dátà wo, fáìlì ńlá kan ni àbí wẹ́wẹ́ ẹgbàá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ eruku. Lórí Línọ́ọ̀sì, fáìlì kọ̀ọ̀kan ní aago mẹ́ta tí `stat` máa fi hàn yín. `Modify` ni ìgbà tí ohun inú rẹ̀ yí padà gbẹ̀yìn. `Change` ni ìgbà tí orúkọ, ẹ̀tọ́ tàbí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀ yí padà. `Access` ni ìgbà tí ẹnì kan kà á gbẹ̀yìn. Ẹ̀kẹta yìí ni eruku wa. Ohun tí mo kọ nígbà yẹn, tó ń ṣiṣẹ́ ní aago méjì òru, bẹ̀rẹ̀ báyìí:

```
find /gbona -type f -size +10M -atime +60
```

Ó ń wá fáìlì tó ju mẹ́gábáìtì 10 lọ, tí ẹnikẹ́ni kò kà fún ọjọ́ tó ju 60 lọ. (`find` máa ń gé àjẹkù ọjọ́ dànù, nítorí náà `+60` túmọ̀ sí ọjọ́ 61 ó kéré tán.) Ohun tó bá rí, á kó o lọ sí `/tutu`, á sì fi àmì ìtọ́ka sí àyè rẹ̀ kí àwọn tó ń gé fídíò má bàa mọ̀ pé ó ti kúrò.

Oṣù méjì kọjá, kò kó nǹkan kan. Mi ò fiyè sí i, nítorí mo rò pé kò tíì sí èyí tó tó ọjọ́. Ó di àárọ̀ Mọ́ńdè kan, àbúrò tó ń gé fídíò níbẹ̀ pè mí: «Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, káàdì òde àná kò wọlé o. Ó ní kò sáyè.» Mo débẹ̀, `/gbona` ti kún dé góńgó. Fáìlì ìgbéyàwó tí wọ́n ti gba owó rẹ̀ tán, tí ìyàwó ọ̀hún ti lóyún, ṣì jókòó síwájú bí ọba. Mo wọ inú fódà rẹ̀, mo ní kó fi aago kíkà hàn mí:

```
$ find . -name '*.MP4' -printf '%AH:%AM %f\n' | sort
01:14 C0001.MP4
01:14 C0002.MP4
01:15 C0003.MP4
01:15 C0004.MP4
```

Ẹ wò ó dáadáa. Ta ló ń wo fídíò ìgbéyàwó onígbéyàwó ní aago kan òru, tó ń wò ó tẹ̀léra-tẹ̀léra bí nọ́ńbà ṣe tò? Mo yẹ ọjọ́ wọn wò, àwọn kan jẹ́ ti òní, àwọn kan jẹ́ ti àná, kò sí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ onígbálẹ̀ nìyẹn. Bákáàpù wọn ni, aago kan òru ló ń bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo bákáàpù ló ń gbọn eruku. `rsync` ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn, `rsync` lásán sì máa ń fi ìwọ̀n fáìlì àti aago `Modify` wé ara wọn ni, bí méjèèjì bá bára mu, kò ní ṣí fáìlì náà rárá. Ẹnì kan ló fi `-c` kún un, nítorí ó kà níbì kan pé ó dájú jù. `-c` ń ka gbogbo fáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní alaalẹ́. Láti ọdún 2009, nígbà tí Línọ́ọ̀sì 2.6.30 jáde, ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní `relatime` ló ń lò bí a kò bá sọ fún un: kì í tún aago kíkà ṣe ní gbogbo ìgbà, àyàfi bí èyí tó wà níbẹ̀ bá ti pé wákàtí 24, tàbí bí fáìlì náà bá ti yí padà látìgbà tí wọ́n kà á gbẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi jẹ́ ti òní, tí àwọn kan fi jẹ́ ti àná. Fún ẹni tó ń ka ọjọ́ 60, òní àti àná ò yàtọ̀ síra.

Mo yọ `-c`. Bóyá ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tún rí i pé àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń gé fídíò lórí rẹ̀ náà ń ka fáìlì fúnra wọn, kí wọ́n lè ṣe àwòrán kékeré fún fódà tí ẹnì kan kàn ń gbà kọjá. Inú bí mi. Mo fi `noatime` sórí `/gbona`, mo ní kí ẹnikẹ́ni má tún fọwọ́ kan aago yẹn mọ́.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Tí aago kíkà kò bá rìn mọ́, ọjọ́ tí fáìlì wọlé láti inú káàdì ló máa dúró sí. Bí ọjọ́ 61 bá ti pé, ó di tútù, ì báà jẹ́ pé ìwọ ló ń gé e lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ àná. Ìnáwó ìsìnkú àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń yí ọkàn padà lórí fídíò rẹ̀ láti oṣù méjì: ẹ fi ti ìjọ sí i, ẹ yọ ẹ̀gbọ́n wa yìí kúrò, ẹ dá a padà. Ègé fídíò 212 ló wà nínú rẹ̀. Ní òru ọjọ́ kan, àṣẹ mi kó 140 lọ nínú wọn. Àwọn yòókù jẹ́ ti ọjọ́ kejì ìnáwó, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n dà wọ́n sínú sáfà, ọjọ́ wọn kò tíì pé.

Iṣẹ́ náà ṣí, kò sí ohun tó sọnù, àmì ìtọ́ka ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò yìí tẹ bọ́tìnnì láti wò ó, ó ń fà bíi dánfó tó ru ẹrù gun Òkè Màpó. Ẹ rántí pé mo sọ pé háàdì díìsìkì kò bẹ̀rù fáìlì gígùn kan. Ẹni tó ń gé fídíò kì í ka ẹyọ kan. Ó ń ka kámẹ́rà ọ̀tún, ó fò sí ti òsì, ó fò sí ohùn, ó padà, àwọn mẹ́ta yòókù sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti àga tiwọn. Apá kan ṣoṣo ló ń sáré láàrin gbogbo wọn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí yín nìyẹn, ẹ lo `iostat -x 5`, kí ẹ wo `r_await` lábẹ́ háàdì díìsìkì. Ó jẹ́ iye mílísẹ́kọ́ńdì tí ìbéèrè kíkà kan fi ń dúró. Bíi 10 sí 15 kò burú. Ti ọjọ́ yẹn kọjá 200.

Ibẹ̀ ni mo ti wá gbà pé èmi ni àlejò tó ń wo eruku. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ilé-iṣẹ́ yìí jókòó sí tábìlì iwájú: ọ̀gá obìnrin tó ni ibẹ̀, pẹ̀lú ìwé kíkọ rẹ̀ tó ń kọ owó sí. Ó mọ iṣẹ́ tó ti tutù. Iṣẹ́ tó ti tutù ni èyí tí oníbàárà ti san àjẹkù owó rẹ̀, tó sì ti gba álíbọ́ọ̀mù àti fíláàṣì rẹ̀ lọ sílé. Mo sọ fún un pé, «Màmá, bí ẹ bá ti fa igi sí orúkọ òde kan nínú ìwé yín, ẹ bá mi fi fáìlì òfìfo kan tó ń jẹ́ `PARI` sínú fódà rẹ̀.» Mo ṣe bọ́tìnnì kan fún wọn lórí kọ̀ǹpútà iwájú. Àṣẹ tuntun náà wá di:

```
find /gbona -mindepth 2 -maxdepth 2 -name PARI -mtime +14
```

`-mtime` ni, kì í ṣe `-atime`. Bákáàpù lè ka `PARI` lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, aago `Modify` rẹ̀ kò ní mì. Ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi sílẹ̀ jẹ́ fún àwọn tó máa padà wá sọ pé wọ́n rí àṣìṣe nínú orúkọ àna wọn. Fódà odidi ló sì ń kó, kò ní kó ìdajì òde kan lọ kó fi ìdajì sílẹ̀ mọ́. Katalọ́ọ̀gù fọ́tò pẹ̀lú gbogbo àwòrán kéékèèké inú rẹ̀ ní fódà tirẹ̀ tí `PARI` kì í wọ̀. Nítorí náà, bí oníbàárà ọdún méjì sẹ́yìn bá dé, wọ́n lè yí fọ́tò rẹ̀ wò fìrìfìrì láti orí ṣíìpù, kí wọ́n tó lọ mú èyí tó tọ́ka sí láti `/tutu`.

Kíkó náà fúnra rẹ̀, ẹ má lo `mv` láti díráífù kan sí èkejì kí ẹ sì lọ sùn. Ẹ̀dà ló máa ṣe, á sì pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, nígbà tí apá kan ẹ̀dà tuntun lè ṣì wà nínú mẹ́mórì tí kò tíì dé orí díìsìkì. Iná ìlú yìí ò ní dúró dè yín. Ohun tí mo ń ṣe ni:

```
rsync -a /gbona/$ode/ /tutu/$ode/
sync
rsync -anci /gbona/$ode/ /tutu/$ode/
```

Ìlà kẹta kì í kó nǹkan kan, `-n` ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń ka ẹ̀dà méjèèjì, ó sì ń tẹ orúkọ èyí tí kò bára mu. Bí kò bá tẹ nǹkan kan, ẹ lè fi àmì ìtọ́ka rọ́pò fódà náà. Ibí ni `-c` wúlò sí, lẹ́ẹ̀kan péré, níbi tí ẹ ti fẹ́ kà á lóòótọ́.

Mo ní láti jẹ́wọ́ ohun kan sí i. Bákáàpù àtijọ́ yẹn, `/gbona` nìkan ló ń wò, ó sì ní `--delete` nínú. Ẹ bá mi rò ó. Òde kan kúrò ní `/gbona`, àmì ìtọ́ka wà níbẹ̀. Bákáàpù dé ní aago kan òru, ó ní fódà yìí kò sí mọ́, ó sì pa ẹ̀dà tó wà lọ́dọ̀ tirẹ̀ rẹ́. Bí òde kan bá ti tutù báyìí, bákáàpù rẹ̀ ti pòórá lálẹ́ ọjọ́ kejì. Dígí tó wà láàrin háàdì díìsìkì méjì nìkan ló kù, dígí kì í sì í ṣe bákáàpù: ẹni tó bá pa fáìlì rẹ́ níbí ti pa á rẹ́ lọ́hùn-ún. Ìgbà tí mo rí i pé àyè inú díráífù bákáàpù ń fẹ̀ sí i dípò kó máa kún ni ara fu mí. Kò sí iṣẹ́ tó sọnù, ṣùgbọ́n òógùn bò mí. Nísinsìnyí bákáàpù `/tutu` ló ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, láìsí `--delete`, lẹ́yìn ìyẹn ni ti `/gbona`.

Àǹtí kan béèrè ní ẹ̀yìn pé kí ló dé tí n kò lo káàṣì, bíi `lvmcache`, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa yan ohun tó gbóná. Ìbéèrè tó dára ni. Káàṣì kì í kó fáìlì lọ, ẹ̀dà ló ń ṣe sórí ṣíìpù, ojúlówó ṣì wà lórí háàdì díìsìkì. Bí ìbéèrè wẹ́wẹ́ tó ń ṣe lemọ́lemọ́ lẹ bá ní, bíi dátábéèsì ilé ìtajà, èmi náà á yan káàṣì. Ní ilé-iṣẹ́ yìí, gígábáìtì 550 tó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà lè fọ káàṣì dànù ní alẹ́ Sátidé, kó lé ohun tí wọ́n ń lò jáde. Bí ẹ bá sì yan `writeback` kó lè yára, ohun tí wọ́n kọ lálẹ́ yẹn lè wà lórí ṣíìpù nìkan fún ìgbà díẹ̀. Bí ṣíìpù yẹn bá kú, ó kú pẹ̀lú rẹ̀. `writethrough` kò ní ewu yẹn, kò sì yára láti kọ.

Bọ̀dá iwájú yìí ní bí oníbàárà àtijọ́ bá dé ńkọ́, ṣé a ó dá gbogbo òde rẹ̀ padà síwájú? Rárá o. Gígábáìtì 275 ní 150 mẹ́gábáìtì fún ìṣẹ́jú àáyá kan, bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, àyè òde kan ló sì máa gbà lọ́wọ́ ìgbéyàwó Sátidé. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀dà ló fẹ́, ẹ kọ ọ́ tààrà láti `/tutu` sínú fíláàṣì rẹ̀. Fíláàṣì ọ̀hún ló máa lọ́ra, kì í ṣe háàdì díìsìkì. Bó bá ní kí wọ́n tún un gé, ẹ yọ `PARI`, kí ẹ dá a padà.

Iye tó gbọ́dọ̀ ṣófo ló kù. Púpọ̀ nínú wa máa ń ní kí kíkó bẹ̀rẹ̀ bí ó bá kún dé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí tẹ́rábáìtì 2, ìyẹn fi gígábáìtì 400 sílẹ̀. Òde kan wọ̀ ọ́, méjì kò wọ̀ ọ́. Ìdá 60 fi 800 sílẹ̀, òde méjì wọ̀ ọ́, àyè sì kù fún iṣẹ́ tí wọ́n ń gé lọ́wọ́. Nítorí náà ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń wò ó, kì í ṣe ọjọ́ tó bá kún. Bí ó bá ju 60 lọ ní ọ̀sán Jímọ̀, mo máa ń pe Màmá kí ó bá mi wo inú ìwé rẹ̀, nítorí ó dájú pé ẹnì kan ti sanwó tí wọn kò tíì tẹ bọ́tìnnì fún. Jímọ̀ tó kọjá, ó fi 71 hàn. Mo pè é. Òde kan ló ti fa igi sí láti oṣù tó kọjá, èkejì ni ti ìsìnkú àgbàlagbà yẹn. Wọ́n ti wá gba fídíò wọn nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, ẹ̀gbọ́n tí wọ́n yọ kúrò sì wà nínú rẹ̀.